Ta Ló Ni Ìdáríjì? Ọ̀rọ̀ Lórí Ọmọ Tó Ta Ilẹ̀ Ẹbí

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín kú ìjókòó. Ohun tí ẹ ní kí n wá sọ ni bóyá ẹni tó ṣẹ̀ wá yẹ fún ìdáríjì. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò, bí mo bá sì ní kí n sọ ọ́ tán, ilẹ̀ á ṣú bá wa níhìn-ín. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo ni mo mú wá, èyí tí agboolé tí kò mọ̀ ọ́n ṣọ̀wọ́n ní Ìjẹ̀bú-Òde yìí: ọmọ tó ta ilẹ̀ ẹbí lẹ́yìn àwọn yòókù. Bí ẹ bá ń rìn lọ ládùúgbò, ẹ ó rí i lára ògiri, wọ́n á fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà pé ilé yìí kì í ṣe fún títà, kí ẹni tó bá fẹ́ rà á ṣọ́ra. Olè tó ti ìlú mìíràn wá kọ́ ni wọ́n ń kọ ìkìlọ̀ yẹn dè. Ọmọ tí wọ́n jọ jẹun nínú ilé náà ni.

Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé wa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí ẹni tó ni ilẹ̀ ẹbí. Ní Ìjẹ̀bú níbí, àtọmọkùnrin àtọmọbìnrin ló ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ bàbá wọn, ọmọ tí obìnrin ilé bí sílé ọkọ sì lè gba ọ̀nà ìyá rẹ̀ wọlé wá bèèrè tirẹ̀. A yàtọ̀ sí àwọn ará Èkìtì nínú èyí, ọ̀nà ọkùnrin ni wọ́n sábà máa ń tọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ta ilẹ̀ ẹbí ní Ìjẹ̀bú, àwọn tí ó ṣẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó jókòó ní pálọ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n wà ní Èkó, àbúrò wà ní Ìbàdàn, ọmọ ọmọ wà lókè òkun, òmíràn sì wà nínú oyún. Ohun tó ń jẹ́ kí ìdáríjì nínú ẹbí le nìyẹn, òun sì ni ìdí tí mo fi ń bínú sí bí a ṣe ń ṣe é kíákíá.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹbí kan ṣe àpẹẹrẹ. Mo ti yí gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni fi lè dá wọn mọ̀ padà, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn kiri.

Bàbá kan tó jẹ́ oníṣòwò kú, ó fi ìyàwó mẹ́ta sílẹ̀, ìyẹn ni pé ìdí mẹ́ta ló wà nínú ogún rẹ̀. Dáwódù ti ìdí àkọ́kọ́ wá, ó sì ń gbé Èkó. Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kàn jẹ́ ọmọ ìdí kejì. Òun ló ń gbé nílé, òun ló ń gbowó háyà, òun náà ni ìwé sọ́fè wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ta púlọ́ọ̀tì méjì lára ilẹ̀ wọn lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó, mílíọ̀nù mẹ́rin àtààbọ̀ náírà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́sàn-án. Tíṣà kan ló rà á. Lọ́jọ́ tí àwọn àbúrò rí àwọn bíríkìlà lórí ilẹ̀ náà ni wọ́n tó mọ̀ pé wọ́n ti tà á, tíṣà yẹn sì ti kan òrùlé kí wọ́n tó rí ẹni tí wọ́n máa bi.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, gbogbo wa la mọ òwe yẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí kì í ṣe ọmọ tí a kò kọ́. Òun ló ń sanwó oúnjẹ ìyá àgbà, òun ló ń tún òrùlé ilé ńlá ṣe. Mo sọ èyí nítorí pé a máa ń fẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ wá jẹ́ ẹni burúkú látòkè délẹ̀, kí ọkàn wa lè balẹ̀ láti kórìíra rẹ̀. Ẹni tó ń ta ilẹ̀ ẹbí sábà máa ń jẹ́ ẹni tó ti sìn ẹbí fún ọdún púpọ̀, tó wá ń sọ nínú ara rẹ̀ pé wọ́n jẹ òun ní gbèsè. Ó ti dárí ji ara rẹ̀ kó tó fọwọ́ síwèé.

Wọ́n pe ìpàdé. Àwọn àgbà mú un wá ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, “Ẹ má bínú, iṣẹ́ Èṣù ni.” Dáwódù ní kó dìde, wọ́n gbàdúrà, wọ́n pín mínírà, wọ́n ní ó ti tán. Kò tó wákàtí kan. Abilékọ kan láti ìdí kẹta dìde láàárín àdúrà, ó jáde lọ. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, orí obìnrin yìí ni ìbínú gbogbo wọn wà. Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ le, wọ́n ní àṣé kì í ṣe ọmọ bàbá wọn tòótọ́. Ẹni tó ta ilẹ̀ ti di ẹni tí wọ́n ń ṣàánú, ẹni tí wọ́n ta ilẹ̀ rẹ̀ ti di ọ̀tá ẹbí.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí dáadáa, nítorí pé ibí ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń bàjẹ́.

Kí ló dé tí obìnrin yẹn fi jáde? Ìyá rẹ̀ ló ṣàìsàn kídìnrín ní nǹkan bí ọdún kan ṣáájú. Owó ilé ìwòsàn wọ̀ wọ́n lọ́rùn, ó sì gbé ọ̀rọ̀ wá sí ìpàdé ẹbí pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ta púlọ́ọ̀tì kan péré, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìpín ìdí kẹta. Ọkùnrin yìí gan-an ló dìde, tó ní, “Ilẹ̀ bàbá wa kì í ṣe fún títà.” Ìpàdé sì tẹ̀ lé e. Ìyá náà kú. Ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ dáàbò bo ilẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá ń kú lọ, òun ló tà á kí wọ́n tó ṣe ìrántí ọdún kan ìyá ọ̀hún.

Nígbà tó wá ní “ẹ má bínú, iṣẹ́ Èṣù ni,” kí ni wọ́n fẹ́ kí obìnrin yìí dárí rẹ̀ jì? Kò tíì sí ohun kan tó dárúkọ. Kò sọ iye owó. Kò sọ ẹni tó bá a fọwọ́ síwèé. Ọ̀rọ̀ ìyá kò jáde lẹ́nu rẹ̀ rárá. Àwọn àgbà wa ní ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ mọ ẹjọ́ náà lẹ́bi ná. Ẹni tó kó ẹ̀bi rẹ̀ lé Èṣù lórí, Èṣù ni kó lọ bẹ̀bẹ̀ fún.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá bi mí bóyá ẹlẹ́ṣẹ̀ yẹ fún ìdáríjì, èmi máa ń dáhùn pé kò sẹ́ni tó yẹ fún un. Mi ò sọ èyí láti le mọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ọkùnrin yìí bá dá mílíọ̀nù mẹ́sàn-án padà lónìí, gbèsè ló san, kò tíì ra ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìdáríjì kì í ṣe owó iṣẹ́ tó lè bèèrè pé òun ti ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí obìnrin yẹn ní lọ́wọ́ ni, tí ó lè fi tọrẹ, tí ó sì lè má tíì fi tọrẹ. Dáwódù kò ní in lọ́wọ́ láti fún ẹnikẹ́ni lórúkọ rẹ̀. Ó lè dárí ji ọkùnrin náà ní ti ohun tí ó ṣe sí òun dáwódù. Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ parí sí.

Ẹ̀kejì rẹ̀ ni pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ní iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ ṣe, yálà wọ́n dárí jì í tàbí wọn kò dárí jì í. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù kọ́ wa pé bí ẹ̀ṣẹ̀ bá kan ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì, ìrònúpìwàdà kò pé àfi kí a dá ẹ̀tọ́ náà padà tàbí kí ẹni tó ni ín yọ̀ǹda rẹ̀. Nínú Ìwé Lúùkù orí 19, kí Jésù tó sọ pé ìgbàlà dé ilé Sákéù, Sákéù ti dúró, ó ti dárúkọ iye tó máa san: ìlọ́po mẹ́rin fún ẹnikẹ́ni tó bá ti rẹ́ jẹ. Àwa tí a ń kí ara wa kú ọdún Iléyá àti Kérésìmesì nínú agboolé kan náà, kò yẹ kó ṣòro fún wa láti gbà pé ẹ̀bẹ̀ láìsí ìṣirò kò tíì jẹ́ ẹ̀bẹ̀.

Ìṣirò ọ̀hún nìyí. Ìdí-igi ni ẹbí yẹn ń tẹ̀ lé, ìyẹn ni pé ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pín ogún sí. Ní 1962, nígbà tí ẹjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé, tí kì í ṣe dáwódù ẹbí yìí, dé iwájú ìgbìmọ̀ adájọ́ Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá fún pínpín ogún, pé orí-ò-jorí, ìyẹn pípín in ní iye orí ọmọ, jẹ́ ọ̀nà tí olórí ẹbí lè gbà bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ lórí ìdí-igi. Mílíọ̀nù mẹ́sàn-án sọ́nà mẹ́ta jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́ta fún ìdí kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mẹ́ta ló wà ní ìdí ti ọkùnrin yìí, mílíọ̀nù kan ló tọ́ sí i. Mílíọ̀nù mẹ́jọ ló jẹ. Títí di ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìṣirò yìí lórí pépà níwájú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ṣì ń sọ pé “nǹkan tí mo mú díẹ̀ yẹn.” Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà. Lẹ́ẹ̀kan náà ni “díẹ̀” kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ìyẹn jẹ́ ní ìpàdé kejì, ọjọ́ kejì Ojúde Ọba, nígbà tí àwọn ará Èkó àti Ìbàdàn ti wálé ọdún tí wọn ò tíì padà. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ní kó sọ ohun tó ṣe, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá sí i. Ó sọ oṣù tó tà á, ó sọ iye rẹ̀, ó dárúkọ ọmọ ẹbí tó bá a ṣe ẹlẹ́rìí, ó ní òun fi apá kan ra mọ́tò, òun fi ìyókù rán ọmọ òun lọ sókè òkun. Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí obìnrin ìdí kẹta, ó ní, “Mo ní ilẹ̀ kì í ṣe fún títà lọ́jọ́ tí ìyá yín ń ṣàìsàn. Mo ti ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn.”

Kò sẹ́ni tó mọ gbólóhùn kejì yẹn tẹ́lẹ̀. Ó burú ju ohun tí obìnrin náà rò lọ. Síbẹ̀, òun ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ tí kò fi ohunkóhun pamọ́. Ó sunkún. Kò sọ pé òun dárí jì í, kò sì jáde.

Wọ́n ta mọ́tò náà ní mílíọ̀nù mẹ́ta àtààbọ̀, wọ́n san án sínú àkáǹtì ẹbí. Ó ṣẹ́ku mílíọ̀nù mẹ́rin àtààbọ̀, wọ́n sì jọ kọ ọ́ síwèé pé yóò máa san ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba àti àádọ́ta lóṣooṣù fún oṣù méjìdínlógún. Ní ti tíṣà tó rà á, òun náà jẹ́ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yẹ kó bèèrè olórí ẹbí kó tó sanwó. Láti 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti ìjọba àpapọ̀ ti là á sílẹ̀: bí ọmọ ẹbí tí kì í ṣe olórí bá ta ilẹ̀ ẹbí bí ẹni pé tirẹ̀ ni, òfo ni títà náà, bí olórí ẹbí bá tà á láìjẹ́ kí àwọn àgbà ìdí mọ̀, títà náà dúró títí àwọn yòókù á fi lọ dà á nù ní kóòtù. Òfo ni ti ọkùnrin yìí, wọ́n lè lé tíṣà jáde. Wọn kò lé e. Dáwódù àti àgbà ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí àgírímẹ́ǹtì tuntun fún un.

Mo fẹ́ kí ẹ fetí sí apá òfin yìí dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ ni ìdáríjì ojú lásán ti máa ń ná ẹbí lówó. Ọ̀pọ̀ ẹbí ni wọ́n á ní àwọn ti dárí jì í, wọ́n á dákẹ́, wọn ò ní kọ nǹkan kan sílẹ̀. Olùrà á kọ́ ilé, á gbé inú rẹ̀, ọdún á gorí ọdún. Lọ́jọ́ tí ọmọ ẹbí kan bá wá dé kóòtù, adájọ́ á bi í pé níbo lẹ wà láti ìgbà yìí? Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ẹ pè ní ìdáríjì, kóòtù lè kà á sí pé ẹ fọwọ́ sí títà náà. Bí ẹ bá fẹ́ dárí jì, ẹ dárí jì, ṣùgbọ́n ẹ kọ ohun tí ẹ yọ̀ǹda àti ohun tí ẹ kò yọ̀ǹda sínú ìwé, kí àgbà ìdí kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, mo gbà. Ìwé tí a bá kọ nílé ni kì í jẹ́ ká débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pé àgbà kò lè dárí jì lórúkọ ẹlòmíràn kò mọ sí inú ẹbí. Ní oṣù keje 1999, ní Ṣàgámù, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ará wa àti àwọn Hausa lásìkò Orò. Wọ́n pa èèyàn, wọ́n jó ilé, ìjà náà sì dé Kánò, níbi tí wọ́n ti gbẹ̀san lára àwọn Yorùbá tí ọ̀pọ̀ wọn kò tẹ Ṣàgámù rí láyé wọn. Àwọn tó gbẹ̀san ní Kánò gbà pé Yorùbá kan dúró fún Yorùbá gbogbo. Ìrònú kan náà ló wà nídìí rẹ̀ nígbà tí a bá ní kí ọba méjì bọ ara wọn lọ́wọ́, ká sì sọ pé ìlú méjì ti dárí ji ara wọn. Àwọn àgbà lè dá ìjà dúró, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dá a dúró. Wọ́n lè ṣí ọjà obì padà, kí Hausa àti Rẹ́mọ tún máa ná owó lọ́wọ́ ara wọn. Àlàáfíà nìyẹn, ohun ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n opó tí wọ́n pa ọkọ rẹ̀, yálà ó ń sọ Yorùbá tàbí Hausa, kò sí nínú yàrá tí wọ́n ti bọ ọwọ́. Bí ó bá ń bá a lọ láti má dárí jì, kò ba àlàáfíà ẹnikẹ́ni jẹ́. Ẹ jẹ́ kó náwó nínú ọjà, ẹ má ṣe bi í ní ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ohun kan ṣì kù tí àwọn àgbà sábà máa ń pò mọ́ ìdáríjì, ìyẹn ni ipò. Nígbà tí ọkùnrin yẹn ti san oṣù mẹ́fà láìfo ọ̀kan, àwọn kan ní kí wọ́n dá ìwé sọ́fè padà fún un, pé bí wọn ò bá dá a padà, wọn kò tíì dárí jì í dénú. Mo ta kò wọ́n nígbà náà, mo ṣì ń ta kò wọ́n lónìí. Ẹni tí mo dárí jì lè jẹun nílé mi, ó lè bá mi sin òkú, ó lè sọ ọmọ mi lórúkọ. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí mo dárí jì ni mo gbọ́dọ̀ fún ní kọ́kọ́rọ́. Ìfọkàntán máa ń gba àkókò, ó sì lè má padà dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Àánú ni fún òun pàápàá, nítorí pé a kò tún gbé ohun tó bì í ṣubú sí i níwájú.

Obìnrin ìdí kẹta ni wọ́n kó ìwé náà fún. Kì í ṣe pé wọ́n fi ń tù ú nínú. Òun ni ẹni tí gbogbo wọn mọ̀ pé kò ní fọwọ́ sí ohunkóhun lábẹ́lẹ̀. Títí di àsìkò tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, kò tíì sọ pé òun dárí ji ọkùnrin yẹn. Wọ́n jọ ń jókòó sí ìpàdé, ó ń gba rìsíìtì owó oṣooṣù rẹ̀, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé, ó ń kí i. Ìyẹn tó ẹbí láti máa bá a lọ. Àwọn àgbà ti fi í sílẹ̀, mo sì bẹ ẹ̀yin náà tí ẹ ní irú rẹ̀ nílé pé kí ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹnìkan fi ìwé ránṣẹ́ sí mi kí n tó dìde, ó béèrè pé bí ẹni tó ta ilẹ̀ bá ti kú ńkọ́, ṣé ká mú àwọn ọmọ rẹ̀? Ìpín tí bàbá wọn ní nínú ogún ni kí ẹ ti yọ gbèsè náà. Ẹ má wọ àpò àwọn ọmọ fúnra wọn, ẹ má sì lé wọn kúrò ní ìpàdé. Wọn kò ta nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú wọn bá ń gbé ilé tí bàbá rẹ̀ fi owó ilẹ̀ yẹn kọ́, tó sì mọ̀, ó yẹ kí òun fúnra rẹ̀ wá sí ìpàdé, kó sọ pé òun mọ ibi tí ilé yìí ti wá, kó sì bi ẹbí léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí àwọn jọ ṣe sí i. Mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹbí ní kó máa gbé inú rẹ̀, kó fi yàrá méjì sílẹ̀ fún ọmọ ẹbí èyíkéyìí tó bá wálé ọdún.